Orúkọ Kan Lórí Ọ̀gì àti Oúnjẹ Adìẹ

Èmi ni mo ní kí a fi orúkọ kan ṣoṣo sára gbogbo ọjà wa. Mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ ìyẹn, nítorí nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dojú rú, àwọn ẹbí wa kan ń sọ ọ́ kiri pé ojúkòkòrò ẹ̀gbọ́n mi ló kó wa sí i. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Èmi ni mo jókòó tì í fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí mo ń tẹnu mọ́ ọn, títí ó fi gbà.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni tẹ́lẹ̀. Ohun tó máa ń bà á nínú jẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ni àwọn ọmọ tí wọ́n ti ń jẹun, àmọ́ tó jẹ́ pé ọ̀gì lásán ni wọ́n ń fún wọn láàárọ̀ àti lálẹ́, tí ara wọn kò sì dá. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í po àgbàdo, ọkà bàbà àti sóyà pọ̀ nínú ilé ìdáná rẹ̀ ní Life Camp ní Àbújá, ó ń sá a gbẹ, ó ń lọ̀ ọ́, ó ń dì í sínú ọ̀rá. Àwọn ìyá tó mọ̀ ọ́n ló kọ́kọ́ rà á. Wọ́n sọ fún àwọn ìyá mìíràn. Kó tó pẹ́, iṣẹ́ náà kò gba inú ilé ìdáná mọ́. Ó gba ilé kan ní Ìdù tí wọ́n ti ń ṣe é, ó sì gba ọ́fíìsì oníyàrá méjì ní òkè ilé kan ní Utako, tí a ti ń gbọ́ ariwo àwọn tó ń pe èrò sínú mọ́tò ní gáréèjì.

Èmi ń ṣiṣẹ́ ìpolówó ọjà ní Èkó nígbà náà. Ìjọba gbé ọkọ mi lọ sí ilé iṣẹ́ ìjọba kan ní Àbújá, mo kó àwọn ọmọ, mo tẹ̀lé e. Mi ò tíì tú ẹrù mi tán tí ẹ̀gbọ́n mi fi dé.

Ó ní, “O ti fi ọdún méjìlá bá àwọn ẹlòmíràn tajà. Wá bá mi ta tèmi.”

Báyìí ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí mo dé ibẹ̀, ọ̀gì nìkan kọ́ ni wọ́n ń ṣe mọ́. Eèrí tó ń jáde lára ọ̀gì pọ̀ ju ohun tí a lè dà nù lọ, nítorí náà ẹ̀gbọ́n mi gba ọkùnrin kan tó mọ̀ nípa adìẹ, wọ́n ń po eèrí náà mọ́ àwọn nǹkan mìíràn, wọ́n ń tà á fún àwọn tó ń sin adìẹ. Inú àpò lásán tí kò ní orúkọ kankan ni wọ́n ń rọ ọ́ sí. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀pà lílọ̀ fún àwọn ọmọdé kù díẹ̀ kó jáde. Èyí tó wá jẹ́ ẹ̀kẹrin ni ìpara òrí. Màmá kan ní Abaji ló ń ṣe é láti bí ogún ọdún. Àgbà ti dé sí i, àwọn ọmọ rẹ̀ kò sì fẹ́ iṣẹ́ náà. Ẹ̀gbọ́n mi ra gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀: àwọn ìkòkò, ọ̀nà tí ó ń gbà ṣe é, àti orúkọ tó ń jẹ́. Agolo kékeré ni wọ́n ń rọ ìpara náà sí, wọ́n ya igi òrí sára rẹ̀. “Onígi” ni àwọn èèyàn ń pè é ní ọjà. Bí ẹnikẹ́ni bá mọ orúkọ tí wọ́n kọ sí i gan-an, mi ò bá a pàdé.

Nígbà tí mo to ọjà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí tábìlì ní ọ́fíìsì, wọn kò jọra. Ó dà bíi pé ilé iṣẹ́ mẹ́rin ló ṣe wọ́n.

Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé ọ̀nà méjì ló wà. Ilé kan wà tó jẹ́ pé gbogbo ọmọ ibẹ̀ ń jẹ́ orúkọ bàbá wọn. Ẹni tó bá mọ ọ̀kan ti mọ gbogbo wọn, ẹni tó bá sì fẹ́ràn ọ̀kan á gba àwọn yòókù láyè. Ilé kan sì wà tó jẹ́ pé ọmọ kọ̀ọ̀kan ló ń jẹ́ tirẹ̀, tí ará ìta kò tilẹ̀ ní mọ̀ pé ọmọ bàbá kan náà ni wọ́n. Àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá kan ń ṣe ti àkọ́kọ́, àwọn mìíràn ń ṣe ti ìkejì.

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ti ìkejì yẹn kì í ṣe fún irú àwa. Bí ọjà mẹ́rin bá ní orúkọ mẹ́rin, ìpolówó mẹ́rin la máa ṣe, a ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ nígbà mẹ́rin. Àwọn ìyá ti mọ orúkọ tó wà lára ọ̀gì. Wọ́n fọkàn tán an. Ẹ jẹ́ kí orúkọ yẹn gbé àwọn yòókù.”

Ó mú ọ̀rá ọ̀gì kan, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò oúnjẹ adìẹ.

Ó ní, “Ìyá tó ń ro ọ̀gì fún ọmọ rẹ̀, ṣé ó máa fẹ́ rí orúkọ yìí lára ohun tí wọ́n ń dà fún adìẹ?”

Mo dá a lóhùn pé ìyá yẹn kì í lọ síbi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ adìẹ. Ìdáhùn yẹn dùn létí mi lọ́jọ́ náà. Mo tún un sọ fún un nígbà méjì, mẹ́ta, ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, títí ó fi ní òun gbọ́, kí n máa ṣe é lọ.

Lọ́yà tó bá wa ṣe ìforúkọsílẹ̀ ṣàlàyé fún wa pé orúkọ kan ni lóòótọ́, àmọ́ ìwé mẹ́rin ni, nítorí ìsọ̀rí tí oúnjẹ ọmọdé wà kọ́ ni ìsọ̀rí tí ìpara wà, oúnjẹ ẹran ọ̀sìn ní tirẹ̀, ẹ̀pà lílọ̀ náà sì ní tirẹ̀. Bí a bá fi orúkọ sílẹ̀ ní ìsọ̀rí kan, ẹlòmíràn lè lọ gba orúkọ náà ní ìsọ̀rí mìíràn. A san ti mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó tún sọ ohun kan tí mi ò kà sí nígbà yẹn.

Ó ní, “Orúkọ tí ẹ rà lọ́wọ́ màmá yẹn, ẹ má jẹ́ kí ìwé rẹ̀ kú. Bí ẹ kò bá tilẹ̀ lò ó, ẹ máa tún un ṣe.”

Ẹ̀gbọ́n mi ní kó tún un ṣe. Èmi rò pé owó ìyẹn lọ lásán.

Nítorí ìpara, a ní láti kọ̀wé sí àjọ tó ń ṣàyẹ̀wò oúnjẹ àti ohun ìpara, pé orúkọ ara agolo fẹ́ yí padà. Ó pẹ́ kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Nígbà tí ìwé tuntun tí a ó lẹ̀ mọ́ ara ọjà dé láti ilé ìtẹ̀wé, mo to gbogbo ọjà wa sórí tábìlì náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Àwọ̀ kan náà, ìkọ̀wé kan náà, orúkọ kan náà; igi òrí ti kúrò lára agolo ìpara. Wọ́n jọ ara wọn bí ọmọ ìyá. Mo ya fọ́tò wọn, mo fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ mi ní Èkó. Inú mi dùn gan-an.

Ẹ̀pà lílọ̀ jáde, ó tà lọ́sẹ̀ tó jáde. Àwọn ìyá tó ń ra ọ̀gì mú un mọ́ ọ̀gì wọn láìbéèrè ohunkóhun. Mo mú ìyẹn ṣe ẹ̀rí pé òótọ́ ni mo ń sọ.

Ìpara ni kò rìn. Obìnrin kan wà ní ọjà Utako tó ti ń ta onígi tipẹ́tipẹ́, ará Kàbà, èèyàn wa ni. Ó máa ń gba páálí mẹ́ta lóṣù. Lóṣù kìíní ó gba ọ̀kan. Lóṣù kejì kò gbà rárá. Mo sọ fún ara mi pé ó máa gba àkókò, pé ojú àwọn oníbàárà kò tíì mọ́ ọn. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi náà.

Ìgbà òjò ni nǹkan bàjẹ́. Oúnjẹ adìẹ kan wà tí àwọn òṣìṣẹ́ wa rọ sínú àpò kó tó gbẹ dénú. Àṣìṣe wa ni, kò sí ẹni mìíràn tí a lè di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Ó ti bu kó tó dé ọwọ́ àwọn tó rà á. Ọkùnrin kan tó ń sin adìẹ lọ́nà Gwagwalada tú àpò kan, ó rí i pé ó ti hu nǹkan funfun, àmọ́ adìẹ rẹ̀ ti jẹ lára rẹ̀ láti ọjọ́ méjì. Àwọn kan dá ẹyin dúró, àwọn kan kú. Ó tẹ́ àwọn tó kú síwájú àpò náà, ó ya fọ́tò, ó fi í sórí Wáásáàpù fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń sin adìẹ kí wọ́n lè ṣọ́ra. Kò ṣe ohun tí kò dáa. Ohun tí èmi náà ìbá ṣe nìyẹn.

Ṣùgbọ́n orúkọ wa wà lára àpò yẹn gàdàgbà, nítorí èmi ni mo ní kí wọ́n kọ ọ́ tóbi.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, a ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì, ọkọ mi ló ń wakọ̀. Mo ṣí fóònù mi, mo rí fọ́tò náà nínú ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ìjọ wa. Ẹnìkan ti kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ rẹ̀ pé, “Àwọn tó ń ṣe ọ̀gì tí à ń fún àwọn ọmọ wa ló pa àwọn adìẹ yìí. Ẹ̀yin ìyá, ẹ dákun, ẹ ṣọ́ra.” Àwọn obìnrin tí mo mọ̀, tí wọ́n mọ̀ mí, ń dáhùn lábẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan ní òun ti da tòun nù.

Ọkọ mi bi mí pé kí ni mò ń kà. Mo na fóònù sí i nígbà tí iná dá wa dúró. Ó kà á, ó dá a padà fún mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo bá ẹ̀gbọ́n mi ní ọ́fíìsì. Ó ti débẹ̀ ṣáájú mi. Mo ti ronú ohun tí mo máa sọ láti ilé, àmọ́ bí mo ṣe wọlé, ohun kan ṣoṣo ló jáde lẹ́nu mi.

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni mo ṣe é. Ẹ bi mí léèrè, mo sì fún yín ní ìdáhùn tí kò tọ́.”

Ó ní, “Jókòó. Ìwọ kọ́ lo di oúnjẹ tútù sápò. Ṣùgbọ́n ìwọ lo so ọ̀gì mọ́ ọn. A ó kọ́kọ́ ṣe ti àpò, lẹ́yìn náà a ó ṣe ti orúkọ.”

A ṣe ti àpò lóòótọ́. A pe gbogbo ẹni tó ra oúnjẹ adìẹ lọ́sẹ̀ yẹn, a kó o padà, a dá iṣẹ́ apá ibẹ̀ dúró. Ẹ̀gbọ́n mi lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin Gwagwalada fúnra rẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́, ó sì fi àwọn adìẹ mìíràn dípò àwọn tó kú. Lẹ́yìn ìyẹn ó ní kí n pe àwọn ìyá tó ń sọ̀rọ̀ nínú ẹgbẹ́ yẹn wá sí Ìdù, kí wọ́n wá fojú ara wọn rí i. Àwọn mọ́kànlá ló wá. A mú wọn yí ká. A fi hàn wọ́n pé ilé ọ̀tọ̀ ni ilé ọ̀gì, pé ògiri wà láàárín rẹ̀ àti ti oúnjẹ adìẹ, pé ẹ̀rọ tibí kì í dé ọ̀hún, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kì í sì í wọ ibí. Wọ́n béèrè ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání. A dáhùn gbogbo rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ń lọ, ìyá kan tó ní ọmọ ọdún méjì fà mí sẹ́yìn. Ó ń tijú láti sọ ọ́.

Ó ní, “Àǹtí, mo gbà yín gbọ́. Mo ti rí i pé ibẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń ro ọ̀gì yẹn báyìí, adìẹ ni mo máa ń rí.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ló yí mi lọ́kàn padà. Títí di ìgbà yẹn, mo ṣì rò pé oúnjẹ tó bu ni ìṣòro wa, pé bí a bá tún un ṣe, tí a sì ṣàlàyé, orúkọ kan náà á tún máa gbé wa lọ. Ìyá yìí kò ní ẹ̀sùn kankan mọ́ sí wa. Kò sí àlàyé tó kù tí mo lè ṣe fún un. Àwa fúnra wa la fi adìẹ sínú ìkòkò rẹ̀, ìbá wà níbẹ̀ náà bí adìẹ ẹnikẹ́ni kò bá tilẹ̀ kú.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ bá obìnrin ará Kàbà yẹn ní ọjà. Mo ní kó sọ òótọ́ fún mi nípa ìpara, kó má wo ojú mi.

Ó bẹ̀rẹ̀, ó wọ páálí kan jáde lábẹ́ tábìlì. Agolo onígi àtijọ́ ló wà nínú rẹ̀, kò ju mọ́kànlá, méjìlá lọ.

Ó ní, “Àwọn tí mo fi pa mọ́ nìyí. Àwọn oníbàárà mi tó ti pẹ́ ni mò ń fún. Bí mo bá gbé tuntun fún wọn, wọ́n á ní ayédèrú ni. Àwọn kan ní òórùn ọ̀gì ló ń run.”

Mo ṣí ọ̀kan tuntun, mo gbóòórùn rẹ̀. Mo ṣí ti àtijọ́. Òrí kan náà ni, láti inú ìkòkò kan náà. Mo ní kó gbóòórùn méjèèjì.

Ó gbóòórùn wọn. Ó ní, “Èmi mọ̀ pé ọ̀kan náà ni. Ṣùgbọ́n orúkọ tó wà lára rẹ̀, orúkọ ọ̀gì ni. Imú wọn ti mọ ohun tó ń wá kó tó dé ibẹ̀.”

Mo ra agolo àtijọ́ kan lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ Jimọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn, mo wakọ̀ lọ sí Abaji.

Màmá jókòó sí iwájú ilé rẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀gúsí. Núpé ni, àmọ́ ó gbé Lọ́kọ́já pẹ́, ó gbọ́ Yorùbá bíi tiwa. Mo kúnlẹ̀, mo kí i. Ó fi èdè Haúsá kí mi, ó ní, “Sànnu, ọmọ mi. Dìde.” Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un, mo sì ní mo wá bẹ̀ ẹ́ pé a yọ orúkọ rẹ̀ kúrò láìsọ fún un.

Mo rò pé ó máa bínú, tàbí kó sunkún. Kò ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ó ń ṣa ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ.

Ó ní, “Ẹ kò jẹ mí ní ẹ̀bẹ̀. Mo ti tà á fún yín. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé ó yẹ kí ẹ mọ ohun tí ẹ rà. Òrí wà ní gbogbo ilé ní Abaji níbí. Ìkòkò wà. Ṣé nítorí ìkòkò ni ẹ ṣe wá sọ́dọ̀ mi? Orúkọ yẹn ni ẹ rà. Ohun tí ẹ rà ni ẹ bọ́ sọnù.”

Nígbà tí mo ń padà bọ̀, mo pa rédíò mọ́tò. Ọdún méjìlá tí mo fi ṣiṣẹ́ ní Èkó, kò sí ọ̀gá mi kankan tó sọ ọ́ fún mi yékéyéké bẹ́ẹ̀.

Mo ti pinnu kí n tó dé Gwagwalada. Mo ní bó bá gba ọdún kan, bó bá gba méjì, mo máa tú ohun tí mo so.

Ohun tí mi ò rò ni pé ẹ̀gbọ́n mi náà ti pinnu tirẹ̀, àti pé tirẹ̀ ti kọjá tèmi. Ẹ̀rù ti bà á. Ó ní òun kò fẹ́ kí orúkọ ọ̀gì wà lára nǹkan mìíràn mọ́ láyé: kì í ṣe ìpara, kì í ṣe oúnjẹ adìẹ, kì í sì í ṣe ẹ̀pà lílọ̀. Orúkọ mẹ́rin fún ọjà mẹ́rin.

Mo ní, “Rárá, ẹ̀gbọ́n mi.”

Ó wò mí. Ó ní, “Ìwọ náà lo ní kí a so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ṣé o tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni?”

Mo ní, “Mi ò fẹ́ so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Àṣìṣe mi ni pé mo bèèrè ohun tó máa rọrùn fún àwa. Ó yẹ kí n bèèrè ohun tí ẹni tó ń rà á gbà gbọ́ nípa wa. Ìyá tó ń ra ọ̀gì gbà gbọ́ pé a mọ ohun tó dáa fún ọmọ. Ìyá kan náà ló ń ra ẹ̀pà, fún ọmọ kan náà, nítorí ìdí kan náà. Bí ẹ bá já wọn kúrò lára ara wọn, ẹ̀ ń lé ẹni tó ti wà nínú ilé yín jáde, kí ẹ lè tún lọ pè é wọlé. Ẹni tó ń ra ìpara kò bá ti ọmọ wá. Ẹni tó ń ra oúnjẹ adìẹ, ẹyin ló ń wá. Àwọn méjì yẹn ni kí a dá dúró.”

“Bí ẹ̀pà bá bàjẹ́ lọ́la ńkọ́?”

“Ó máa kan ọ̀gì. Mi ò ní purọ́ fún yín. Ẹ̀pà tó bá bu léwu ju oúnjẹ adìẹ lọ. Èyí túmọ̀ sí pé bí a ṣe ń ṣọ́ ọ̀gì ni a ní láti máa ṣọ́ ẹ̀pà. Bí a kò bá lè ṣe ìyẹn, kò yẹ kí a máa tà á lábẹ́ orúkọ kankan.”

A fi ọjọ́ mẹ́rin jiyàn lórí rẹ̀. Ó máa ń lọ, yóò tún padà wá pẹ̀lú ìbéèrè mìíràn. Mo dáhùn èyí tí mo mọ̀, mo sì sọ pé mi ò mọ èyí tí mi ò mọ̀. Lọ́jọ́ karùn-ún ó gbà, àmọ́ ó fi àdéhùn kan lé e: kò sí ẹ̀pà tó máa jáde ní Ìdù láìjẹ́ pé ìwé àyẹ̀wò rẹ̀ kọ́kọ́ dé orí tábìlì òun, bó bá sì wu òun láti dá ọjà dúró, kò sí ẹni tó máa bá òun jiyàn, títí kan èmi. Mo fọwọ́ sí i.

Ìṣòro kan ṣì kù tí lọ́yà ló rán wa létí rẹ̀. Orúkọ ọ̀gì yẹn náà ni orúkọ ilé iṣẹ́ wa nínú ìwé ìjọba. Òfin sì ní kí a kọ orúkọ ẹni tó ṣe ọjà sẹ́yìn gbogbo rẹ̀. Bí a bá tilẹ̀ dá onígi padà, ẹni tó bá yí agolo náà padà á tún bá ọ̀gì níbẹ̀. Nítorí náà a yí orúkọ ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ padà sí èyí tí kò sọ ọ̀gì tàbí adìẹ, èyí tí kò sí lójú ọjà kankan, tó kàn wà lẹ́yìn ní lẹ́tà kékeré. Orúkọ àtijọ́ wá di ti ọ̀gì àti ẹ̀pà nìkan. Orúkọ màmá ṣì wà láàyè nínú ìwé nítorí lọ́yà kò jẹ́ kó kú, èmi sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún owó tí mo ní ó lọ lásán. A tún kọ̀wé sí àjọ náà. A tún dúró. Mo máa ń lọ síbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì títí akọ̀wé ibẹ̀ fi mọ ohùn mi.

Onígi padà sí ọjà lẹ́yìn bí oṣù mẹ́jọ. Obìnrin ará Kàbà gba páálí kan, lẹ́yìn náà méjì. Kò tíì padà sí mẹ́ta títí di òní. Àwọn kan ti rí ìpara mìíràn, wọn kò sì ní padà wá. Ọ̀gì ní tirẹ̀ gbé orí sókè díẹ̀díẹ̀. Ìyá tó ń rí adìẹ nínú ìkòkò yẹn, mi ò mọ̀ bóyá ó tún ra ọ̀gì wa. Mo máa ń rí i ní ṣọ́ọ̀ṣì, mi ò sì tíì bi í.

Ti oúnjẹ adìẹ ló le jù fún ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní bí a bá fún un ní orúkọ tuntun lẹ́yìn ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n á ní à ń sá pamọ́ ni. Òótọ́ ló sọ. A pinnu pé a kò ní ta àpò kan ní orúkọ tuntun láìjẹ́ pé a sọ fún ẹni tó ń rà á pé àwa kan náà ni. A tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé, a fi sínú gbogbo àpò. Àwọn tó ti ń rà á tẹ́lẹ̀, a lọ sọ́dọ̀ wọn.

Èmi ni mo lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin Gwagwalada, èmi àti awakọ̀ wa. Ó bá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé adìẹ rẹ̀. Mo ní, “Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Àwa tí oúnjẹ wa pa adìẹ yín la tún dé. A ti yí bí a ṣe ń sá a gbẹ padà, a sì ti yí orúkọ padà. Mi ò fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn.”

Ó gba ìwé náà, ó kà á. Ó ní, “Mo gbọ́ ti gbígbẹ. Kí ló dé tí ẹ yí orúkọ?”

Mo ní, “Nítorí àwọn ìyá tó ń ra ọ̀gì. Wọn kò fẹ́ kí oúnjẹ ọmọ wọn máa jẹ́ orúkọ kan náà pẹ̀lú ti adìẹ.”

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní, “Èmi náà kò fẹ́ ẹ. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín, nígbà tí mo kọ́kọ́ rí orúkọ yẹn lára àpò, mo rò pé kí ni àwọn tó ń ṣe ọ̀gì ọmọdé mọ̀ nípa adìẹ? Nítorí pé kò sí òmíràn nítòsí ni mo ṣe rà á.”

Ìyẹn ni mi ò rò rí. Mo ti rò pé ọ̀gì ń ran oúnjẹ adìẹ lọ́wọ́, pé ọ̀gì nìkan ni orúkọ kan ṣoṣo yẹn bà jẹ́. Mo sọ fún un pé mo dúpẹ́ tó sọ ọ́ fún mi.

Ó tú àpò tí mo gbé wá fún un wò. Ó ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀ dé ìgúnpá, ó bu díẹ̀ jáde, ó fún un lọ́wọ́, ó gbóòórùn rẹ̀.

Ó ní, “Ẹ fi àpò méjì sílẹ̀. Ilé adìẹ kan péré ni mo máa fi dán an wò. Ẹ padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.”

Mo ní kí awakọ̀ wa sọ̀ méjì kalẹ̀. Mo kọ ọjọ́ tí mo máa padà wá sínú ìwé mi, mo kí i pé ó dàbọ̀, a sì gba ọ̀nà Utako padà.